Sẹ́kọ́ǹdì 4 péré ni wọ́n ń wo fídíò ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ wa. Ibo ni wọ́n ti ń sá?

ỌmọAjórin (Kétu)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ níbí ní Kétu. A ya fídíò sẹ́kọ́ǹdì 34, a sì fi 20,000 sẹ́fà polówó rẹ̀ lórí Fesibúùkù fún Kétu, Pobẹ̀, Sakété àti Ṣábẹ. Ọjọ́ mẹ́wàá pé lánàá. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí a bá pín in dọ́gba, sẹ́kọ́ǹdì 4 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wò ó, àti pé ìdá 5 nínú 100 ló dé ibi tí wọ́n ń pè ní ThruPlays. Ẹ̀gbọ́n mi ní owó òun ti wọgbó. Ṣé fídíò náà ni kò dáa, àbí ibì kan wà tí wọ́n ti ń sá?

AláṣọÒkè_Àjàṣẹ́

Ẹ gé e kúrú. Sẹ́kọ́ǹdì 34 ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń fi àtàǹpàkò ti ojú fóònù sókè. Tèmi kì í ju 10 lọ. Sẹ́kọ́ǹdì 4 náà ni wọ́n ń wò lára tèmi, ṣùgbọ́n 4 nínú 10 kì í ṣe ẹgbẹ́ 4 nínú 34. Gé e, ọ̀rọ̀ parí.

OníKajú_Ṣábẹ

Àbúrò, ìdá 5 kò burú o. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni pé àwọn tó rí ìpolówó, tí wọn kò tẹ nǹkan kan, tí wọ́n wá padà wá rà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn nìyẹn. Bí ìdá 5 nínú àwọn tó rí i bá ra ẹ̀rọ, ẹ̀gbọ́n rẹ ti di olówó.

ÀtúnṣeFóònù229

Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀ ọ́n ṣe. Mo polówó ibi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní àtúnṣe fóònù, ìdá 71 nínú 100 ló wo fídíò mi parí. Àṣírí ibẹ̀ ni orin. Ẹ fi orin tó ń gbóná sí i láti ìbẹ̀rẹ̀.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀. Láti 2017 ni mo ti ń ra ìpolówó fún àwọn ọlọ́jà níbí ní Àjàṣẹ́, mo sì ti ṣe irú àṣìṣe tí ẹ ń ṣe yìí fúnra mi, mo fi owó oníbàárà kọ́gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n oníkajú, nǹkan mìíràn lẹ ń sọ yẹn. Lóòótọ́ ni wọ́n ń ka ẹni tó rí ìpolówó tí kò tẹ ẹ́, tó sì padà wá rajà, ṣùgbọ́n òpó tirẹ̀ yàtọ̀, orúkọ ló jọra. Èyí tí ọmọ Kétu ń bèèrè, wíwò lásán ni. ThruPlays túmọ̀ sí pé ẹni náà wo fídíò dé sẹ́kọ́ǹdì 15, tàbí pé ó wò ó parí bí fídíò náà kò bá tó 15.

Ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ bá aláṣọ òkè sọ̀rọ̀. Ẹ rí i pé fídíò yín oní-10 gbọ́dọ̀ parí kí wọ́n tó kà á, ti ọmọ Kétu kò sì nílò kó dé ìdajì. Òṣùwọ̀n kan náà kọ́ ni wọ́n fi wọn yín. Lórí Yútúùbù, òmíràn tún ni: fún ìpolówó tí èèyàn lè fò lẹ́yìn sẹ́kọ́ǹdì 5, sẹ́kọ́ǹdì 30 ni èèyàn gbọ́dọ̀ wò kí wọ́n tó kà á sí wíwò, tàbí kó wò ó parí bí kò bá tó 30, tàbí kó tẹ nǹkan kan lórí rẹ̀. Ẹni bá gbé iye Yútúùbù sẹ́gbẹ̀ẹ́ iye Fesibúùkù, kóńgò ọjà méjì ló fi ń wọn gàrí.

ỌmọAjórin, sẹ́kọ́ǹdì 4 yẹn kò lè dá ọ lóhùn. Wọ inú ibi tí o ti ra ìpolówó, kó àwọn iye wọ̀nyí wá: Impressions, ìyẹn iye ìgbà tí ìpolówó náà jáde lójú fóònù àwọn èèyàn, lẹ́yìn náà iye ìgbà tí fídíò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré, iye tó dé sẹ́kọ́ǹdì 3, iye tó dé ìdá 25, 50, 75 àti 100, àti ThruPlays. Lẹ́yìn náà kó o sọ ohun tó wà lójú fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé sẹ́kọ́ǹdì 10 fún wa. Má fo nǹkan kan.

ỌmọAjórin (Kétu)

Ẹ ṣé gan-an, Ìyá Ìbejì. Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́ lójú tèmi, àbúrò mi ló bá mi wá a.

Impressions 21,400. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣeré nígbà 18,000. Sẹ́kọ́ǹdì 3: 4,280. Ìdá 25: 1,700. Ìdá 50: 980. Ìdá 75: 820. Ó parí: 640. ThruPlays 1,070. Èèyàn méje ló kọ̀wé sí wa.

Ohun tó wà nínú rẹ̀: àwòrán àmì ṣọ́ọ̀bù wa ló kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú orin, ó dúró títí dé sẹ́kọ́ǹdì 2. Lẹ́yìn náà ẹ̀gbọ́n mi jáde, ó ní: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé ńkọ́?" Ó sọ orúkọ rẹ̀, ó sọ pé ẹ̀yìn Àkàbà Ìdẹ̀nà ni ṣọ́ọ̀bù wa wà. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní sẹ́kọ́ǹdì 7.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́

O ṣeun, ọ̀rọ̀ ti wà nílẹ̀ báyìí.

Kọ́kọ́ wo sẹ́kọ́ǹdì 4 tó ń bà yín lẹ́rù. O lè rò pé àwọn èèyàn ń wò ó dé 4, wọ́n wá ń lọ. Kò sí ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀, tàbí ká ní wọn ò pọ̀. Nínú 18,000 yẹn, 13,720 ti lọ kó tó di sẹ́kọ́ǹdì 3, ọ̀pọ̀ wọn kò dúró ju bí èèyàn ṣe ń ṣẹ́jú lọ. Ní ìkangun kejì ẹ̀wẹ̀, 640 jókòó tì í títí ó fi parí. Sẹ́kọ́ǹdì 4 lọ́nà 18,000 jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 72,000. Àwọn 640 yẹn nìkan ló ni 21,760 nínú rẹ̀, ó ń lọ sí ìdá kan nínú mẹ́ta. Àwùjọ méjì ni fídíò yín ní: àwọn tó kọjá lọ lẹ́nu ọ̀nà, àti àwọn tó wọlé jókòó. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ẹ pín in, iye tó jáde kò jọ ọ̀kankan nínú wọn.

Wàyí o, tẹ̀ lé wọn láti ẹnu ọ̀nà. Ìdá kan nínú mẹ́rin 34 jẹ́ sẹ́kọ́ǹdì 8 ààbọ̀. Láti 3 sí 8 ààbọ̀, 4,280 di 1,700, ẹni mẹ́fà nínú mẹ́wàá tún jáde. Inú ìkíni ẹ̀gbọ́n rẹ ni wọ́n ti jáde. Ẹ̀rọ wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Láti ibẹ̀, eré ìsá náà dínkù: 1,700 di 980, 980 di 820, 820 di 640. Àwọn tó dé ìdajì, nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta wọn ló wò ó tán. Fídíò tí kò dáa kì í rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nínú ilé dáa, ẹnu ọ̀nà ni kò dáa.

Nítorí náà ni mo fi ní gígé kọ́ ló kàn. Tí o bá gé ìparí rẹ̀ kúrò, àwọn tó jókòó lo gé oúnjẹ wọn, àwọn 13,720 kò tilẹ̀ ní mọ̀ pé o gé nǹkan kan.

AláṣọÒkè_Àjàṣẹ́

Mo gbà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí Impressions fi jẹ́ 21,400, tí fídíò sì ṣeré nígbà 18,000 péré? Níbo ni 3,400 wọlé sí?

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́

Àwọn kan ti pa ṣíṣeré-fúnra-rẹ̀ lórí fóònù wọn kí mẹ́gà wọn má bàa tán. Àwọn kan, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn falẹ̀, àtàǹpàkò ti gbé fídíò kọjá kó tó ta pútú. Àwòrán àkọ́kọ́ nìkan ni irú wọn rí. Tí àwòrán náà bá jẹ́ àmì ṣọ́ọ̀bù, àmì ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n rí lọ.

Mẹ́tìrì_Fẹ̀yìntì

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àárọ̀. Ẹ fẹ́ kí ọmọ Yorùbá wọ ilé onílé láì kí wọn? Ìyá tó ń din gàrí ní Ìlárá, tó o bá já lù ú pẹ̀lú ariwo ẹ̀rọ, yóò ní ọmọ yìí kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìkíni ni ẹ̀gbọ́n ọmọ yìí fi gba 1,700 yẹn. Ẹ má tìtorí àwọn tó ń sáré kọ àwọn tó jókòó.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́

Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìkúnlẹ̀ ni tèmi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan hàn yín. Lójú ìwé Fesibúùkù, ọ̀pọ̀ fídíò ń ṣeré láìsí ohùn títí ẹni náà yóò fi tẹ̀ ẹ́. Ìkíni tí ẹ̀gbọ́n ń kí, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó sá kò gbọ́ ọ. Ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ ń mì ni wọ́n rí. Mi ò ní kó má kí wọn. Mo ní kí ẹ̀gẹ́ kọ́kọ́ jáde, kó wá kí wọn nígbà tí wọ́n ti yíjú sí i. Kí wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ fídíò, ní lẹ́tà ńlá.

Bàbá tọ̀nà níbì kan ṣá o. A kò mọ̀ bóyá àwọn tó jókòó nítorí ìkíni náà ni àwọn tó kọ̀wé. Èèyàn méje kéré jù láti fi dájọ́.

ÀtúnṣeFóònù229

Ṣé ẹ ti gbàgbé ìdá 71 mi ni? Kò sẹ́ni tó fún mi lésì.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́

Àbúrò mi, mi ò gbàgbé rẹ, mo ń ṣọ́ra ni. Lọ síbi tí wọ́n ti ń pín èsì sí wẹ́wẹ́, kó o pín in ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí ìpolówó ti jáde. Sọ iye tó jáde lábẹ́ Audience Network fún mi.

ÀtúnṣeFóònù229

Haa. Nínú ọgọ́rùn-ún, ìdá 83 ló jáde níbẹ̀. Lára ìyẹn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló wò ó parí. Èyí tó jáde lójú ìwé Fesibúùkù gan-an, ìdá 4 ló wò ó dé ThruPlays. Kí ni Audience Network yìí?

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́

Inú áàpù àwọn ẹlòmíràn ni, eré orí fóònù ló pọ̀ níbẹ̀. Ọmọdé ń ṣeré, ẹ̀mí rẹ̀ tán nínú eré, wọ́n ní kó wo ìpolówó kí wọ́n fún un ní ẹ̀mí tuntun. Kò ní bọ́tìnnì tó lè fi sá. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ mu omi, fídíò rẹ parí, wọ́n kà á fún ọ. Ọmọ mélòó ló pè ọ́ pé òun fẹ́ kọ́ṣẹ́?

ÀtúnṣeFóònù229

Ẹnì kan. Nọ́ńbà ló ṣì.

OníKajú_Ṣábẹ

Ẹ̀rín pa mí 😂 Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ta ló ní kí wọ́n máa ka irú ìyẹn mọ́ ọn? Ẹni tó ń ta ìpolówó náà ló ń ka iye fún wa. Ìkookò ló ń ka àgùntàn.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́

Ó ti ṣẹlẹ̀ rí lójú ayé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, Fesibúùkù fẹnu ara wọn jẹ́wọ́ pé ìpíndọ́gba àkókò wíwò tí wọ́n ti ń fún àwọn olùpolówó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Gbogbo àkókò tí wọ́n fi wo fídíò ni wọ́n ń kó jọ, ṣùgbọ́n àwọn tó wò ó dé sẹ́kọ́ǹdì 3 sókè nìkan ni wọ́n fi ń pín in. Àwọn tó sá kò sí nínú ìpín. Iye tó ń jáde fi ìdá 60 sí 80 nínú 100 ju ti òótọ́ lọ. Àwọn olùpolówó pè wọ́n lẹ́jọ́ ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì gbà láti san mílíọ̀nù 40 dọ́là ní 2019 kí ẹjọ́ náà lè parí.

Wo bó ṣe máa rí lára ti ọmọ Kétu: pín 72,000 yẹn fún 4,280 dípò 18,000. Yóò di sẹ́kọ́ǹdì 17! Ẹ̀gbọ́n ajórin ì bá máa jó. Tirẹ̀ tún ga ju 80 lọ dáadáa nítorí pé àwọn tó sá lẹ́nu ọ̀nà pọ̀ lápọ̀jù. Wọ́n ti tún un ṣe láti ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti gba ìpíndọ́gba kankan wọlé láì bèèrè ohun tí wọ́n fi pín in.

ỌmọAjórin (Kétu)

Ẹ ṣé o. A máa tún un tò, màá padà wá.

ỌmọAjórin (Kétu), lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá

Mo ti dé o. A kò ya òmíràn, èyí tó wà nílẹ̀ la tún tò, sẹ́kọ́ǹdì 34 náà ni. Ohun tó kọ́kọ́ jáde báyìí ni ẹnu ẹ̀rọ: wọ́n ti ẹ̀gẹ́ méjì sínú rẹ̀, ó ń ti ìdí ẹ̀rọ rọ́ jáde ní funfun báláú, ó ń bọ́ sínú agbada. Ẹ̀gbọ́n mi wá yọjú ní sẹ́kọ́ǹdì 5, ó kí wọn, a kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Àmì ṣọ́ọ̀bù lọ sí ìparí. A yọ Audience Network kúrò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tiwa kò pọ̀ níbẹ̀.

20,000 sẹ́fà náà la ná. Impressions 20,000. Sẹ́kọ́ǹdì 3: 7,000. ThruPlays 1,500. Ìpíndọ́gba ti di 5. Èèyàn mẹ́sàn-án ló kọ̀wé.

Inú ẹ̀gbọ́n mi dùn, ṣùgbọ́n àbúrò mi ṣírò kan tó dà mí láàmú. Tẹ́lẹ̀, nínú ẹni mẹ́rin tó dé sẹ́kọ́ǹdì 3, ẹnì kan ń dé ThruPlays. Nísinsìnyí, nínú ẹni márùn-ún ni ẹnì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ ń dé e. Ṣé a ti wá ba àárín fídíò jẹ́ ni?

AláṣọÒkè_Àjàṣẹ́

Ẹ ti bà á jẹ́ nìyẹn. Ìkíni tó bọ́ sí àárín ló ń lé wọn.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó wọlé ná. Tẹ́lẹ̀, ìdá 20 nínú 100 ló kọjá ẹnu ọ̀nà, àwọn tó wọlé láìka àmì ṣọ́ọ̀bù àti orin sí, àwọn tó nílò ẹ̀rọ ni tàbí àwọn tó mọ ẹ̀gbọ́n rẹ. Nísinsìnyí ìdá 35 ló wọlé. Àwọn tó lé sí i yìí, òmíràn nínú wọn kàn fẹ́ wo bí ẹ̀gẹ́ ṣe ń rọ́ jáde ni, nítorí ó dùn ún wò. Ó wò ó, ó lọ. Tí ẹnu ọ̀nà bá fẹ̀ sí i, àwọn tó ń jókòó nínú ilé máa dínkù bí a bá fi wọ́n wé àwọn tó wọlé. Má fi ìdá yẹn dá fídíò lẹ́bi. Fi ThruPlays wé Impressions: 5 ti di 7 ààbọ̀ lórí owó kan náà. Ìyẹn ni mo lè fọwọ́ sọ̀yà lé.

Ohun tí mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà lé ni pé àtúntò yẹn nìkan ló fà á. Ẹ̀yìn ara wọn lẹ polówó méjèèjì, àwọn èèyàn kan náà lẹ sì gbé e fún. Àwọn kan ti rí ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dúró nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n. Tí o bá tún ṣe é, gbé méjèèjì jáde lọ́jọ́ kan náà, kí Fesibúùkù pín àwọn èèyàn sí ọ̀nà méjì kí ẹnì kan má rí méjèèjì.

Mẹ́tìrì_Fẹ̀yìntì

Mo wo tuntun náà. Ó kí wa dáadáa. Mi ò sọ nǹkan kan mọ́.

OníKajú_Ṣábẹ

Èmi ṣì ní ọ̀rọ̀. Méje di mẹ́sàn-án. Ẹ kó ìṣirò jọ bí òkìtì iyán, ẹni méjì péré ló lé. Níbí ní Ṣábẹ, àwọn ìyá tó ń din gàrí kò sí lórí Fesibúùkù, ọmọ wọn ló ni fóònù. Kí ìyá tó gbọ́, ọmọ ti wo fídíò mẹ́rìnlá mìíràn. Ọjọ́ ọjà ni kẹ́ ẹ gbé ẹ̀rọ yẹn lọ, kẹ́ ẹ tan án níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́

Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní bá yín jà lórí ìyẹn. Méje àti mẹ́sàn-án, bí ọjọ́ ọjà kan bá bọ́ sáàárín ló lè fà á. Wíwò kì í ṣe rírà. Iye wíwò lè sọ ibi tí fídíò ti ń jò fún wa, kò lè sọ bóyá ìyá ní Ṣábẹ ní owó ẹ̀rọ lọ́wọ́.

ỌmọAjórin, kí ni àwọn mẹ́sàn-án yẹn bèèrè?

ỌmọAjórin (Kétu)

Mẹ́rin bèèrè iye owó. Méjì bèèrè bóyá a lè gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹnì kan kàn ń kí wa. Àwọn méjì tó kù, ohun kan náà ni wọ́n bèèrè: lítà epo mélòó ni ẹ̀rọ ń jẹ kó tó rin àpò ẹ̀gẹ́ kan tán. Kò sí níbì kankan nínú fídíò. Ẹ̀gbọ́n mi ní lọ́la òun máa da epo lítà kan sínú rẹ̀ lójú kámẹ́rà, kó máa rin ẹ̀gẹ́ títí yóò fi kú.

AláṣọÒkè_Àjàṣẹ́

Ìyẹn ni kẹ́ ẹ gbé sí sẹ́kọ́ǹdì àkọ́kọ́!

ÌyáÌbejì_Àjàṣẹ́

Bóyá. Epo tó ń dà sínú ẹ̀rọ kò dùn ún wò tó ẹ̀gẹ́ tó ń rọ́ jáde, ṣùgbọ́n ẹni tó máa dúró wò ó lè jẹ́ ẹni tó máa rà. Ẹ gbé méjèèjì jáde lọ́jọ́ kan náà, kẹ́ ẹ má wo ìpíndọ́gba.